Lẹ́tà Ìbéèrè fún Ìwé Ìjẹ́rìí Ẹ̀kọ́-Ọ̀fẹ́

Iléṣà,
Ọjọ́ 9, oṣù kẹsàn-án.

Olùkọ́ mi ọ̀wọ́n, sà,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìtọ́jú àwọn ọmọ tó wà lọ́wọ́ yín. Fọlákẹ́ ni, sà, tí ẹ bójú tó iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ lórí omi kànga Ìtagúnmodì ní ẹ̀ka Jíọ́lọ́jì, Ifẹ̀.

Mo fẹ́ bẹ̀ yín kí ẹ bá mi kọ ìwé ìjẹ́rìí. Ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ Kọ́mọ́nwẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ń wá, láti kàwé gboyè kejì nípa omi abẹ́ ilẹ̀. Kì í ṣe máàkì nìkan ni wọ́n ń wò. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ènìyàn máa fi ìmọ̀ náà ṣe nígbà tó bá padà sílé. Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín: ẹ̀yin lẹ rí mi lẹ́nu iṣẹ́.

Bí ẹ bá gbà, sà, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ sọ jù ni ti kànga ẹ̀yìn ilé ìyá elépo. Omi rẹ̀ mọ́ gaara ju gbogbo èyí tí a bù lọ, síbẹ̀ òjé inú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ ní kí n má tíì gbà á gbọ́. Mo padà lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo fi omi kànga náà ṣan ìgò lẹ́ẹ̀mẹta, mo kán ásíìdì náítríìkì sí i kí òjé má baà lẹ̀ mọ́ ara ìgò, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Èsì kan náà ló tún jáde, ó ju ìwọ̀n máíkírógíráàmù 10 nínú lítà kan tí àjọ ìlera àgbáyé fọwọ́ sí. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní kí n lọ sọ fún baálé kí n tó kọ orí karùn-ún. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì wà lọ́kàn mi. Àwọn tó ń wa góòlù lágbègbè wa kò tíì dáwọ́ dúró, omi náà ni àwọn ọmọ ń mu, mo sì fẹ́ padà wá ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ níbí.

Àwọn ohun tó kù kò pọ̀. Mo gba 4.21 nínú 5, mo sì gba A nínú kọ́ọ̀sì omi abẹ́ ilẹ̀ tí ẹ kọ́ wa. Láti ìgbà tí mo ti parí àgùnbánirọ̀ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́mísírì níbí ní Iléṣà. Mo fi ẹ̀dà èsì ìdánwò mi, àkótán iṣẹ́ ìwádìí náà àti àròkọ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́ mọ́ lẹ́tà yìí.

Wọn yóò fi líǹkì ránṣẹ́ sí ímeèlì yín, ibẹ̀ ni ẹ óò ti fi ìwé náà sílẹ̀. Kò ní gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ímeèlì yunifásítì ni kí n fún wọn, àbí èyí tí ẹ ń lò fúnra yín? Ì bá dùn mọ́ mi bí ó bá lè wọlé kí ó tó di ọjọ́ 7 oṣù kẹwàá. Mo mọ̀ pé ìdánwò ń bọ̀, iṣẹ́ sì wọ̀ yín lọ́rùn. Bí àyè kò bá sí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n mọ̀ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kò ní dín ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín kù rárá.

Mo lè wá sí ọ́fíìsì yín ní Ifẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì èyíkéyìí lẹ́yìn aago méjì, bí ẹ bá fẹ́ bi mí ní ohunkóhun.

Ẹ ṣeun, sà.

Ọmọ yín nínú ẹ̀kọ́,
Fọlákẹ́