Bẹ́ẹ̀dì Apá

Ìgbà kẹta rèé láàárín ọdún kan ààbọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin yìí ń gbé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ padà wá sí ṣọ́ọ̀bù Délé n'Íkẹ̀rẹ́.

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún ló tún yọ, bàbá." Ilẹ̀ ló ń wò. "A ò mọ ohun tó ń ṣe é."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ méjèèjì bú sẹ́rìn-ín. Délé náà rẹ́rìn-ín, ó mú òòlù, ó tún un ṣe, kò gbowó. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé e lọ tán, ó jókòó sórí pákó, kò lè ṣiṣẹ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, igi apá ni. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi kàn án lọ́sẹ̀ ìgbéyàwó rẹ̀, ọdún 11 sẹ́yìn, nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan, tí àpáta Olósùnta dúró gàgà níwájú. Ó máa ń fi yangàn fún àwọn oníbàárà: "Tèmi ń bẹ nílé, ìṣó kan ò yẹ̀ lára ẹ̀ rí!" Àfi bíi pé ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ohun tó ti ń sọ.

Kì í ṣe pé kò ní àwáwí. Ó kọ́kọ́ jẹ́ iṣẹ́: bí ọdún bá ti ń sún mọ́lé, gbogbo ènìyàn ló fẹ́ àga tuntun. Lẹ́yìn náà ó di ooru, nítorí kò síná. Ìgbẹ̀yìn rẹ̀ ni jẹ̀dí. Jẹ̀dí ló dára jù nínú wọn. Ta ni yóò bá ọkùnrin jiyàn jẹ̀dí? Ìyá Táyọ̀ fúnra rẹ̀ ló ń se àgbo, tí yóò bù ú sí kọ́ọ̀bù, tí yóò jókòó tì í títí yóò fi mu ún tán. "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Táyọ̀. Yóò lọ."

Lọ́jọ́ kan ó lọ bá alágbo fúnra rẹ̀ lọ́jà. Ìyá náà ń já ewé, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Ní kùtùkùtù òwúrọ̀ ńkọ́? Ṣé ó máa ń jí?"

Ó ń jí. Ojoojúmọ́ ló ń jí, bí àkùkọ.

"Kì í jí, màmá."

Ó san náírà 1,000, ó gba ìgò kan, kò sì tíì dé oríta tó fi dà á sí gọ́tà. Ara rẹ̀ le koko. Ó sì ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ kó tó jáde nílé.

Ì bá jẹ́ pé ó ní àlè ni, ọ̀rọ̀ ì bá rọrùn. Àwọn àgbà mọ bí wọ́n ṣe ń bá ọkùnrin tó ní àlè wí. Kò ní. Kò sí ẹnì kankan.

Nígbà tí àbúrò Ìyá Táyọ̀ bímọ n'Íbàdàn, ó lọ lo ọ̀sẹ̀ méjì lọ́dọ̀ rẹ̀. Délé ń pè é lálaalẹ́, ó ń ròyìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ rí fún un, títí kan ajá aládùúgbò tó jí ẹran jẹ. Ẹ̀rín ń pa obìnrin náà. Lọ́jọ́ tó yẹ kó padà, fóònù dún.

"Bàbá Táyọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ara ọmọ ò yá. Mo máa lo ọ̀sẹ̀ kan sí i."

"Háà! O ti pẹ́ jù lọ́hùn-ún o."

Ó gbé fóònù kalẹ̀. Èjìká rẹ̀ ti wálẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn bá sọ pákó tó ti rù láti ọ̀nà jíjìn. Ó dúró wo èjìká náà nínú dígí. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bẹ́ẹ̀dì ò dún.

Ọjọ́ Àìkú tí Ìyá Táyọ̀ dé, àwọn méjèèjì jọ gúnyán. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, ọmọ odó wọn ò kọlu ara wọn rí: tirẹ̀ ń lọ sókè, tọkọ ń bọ̀ nílẹ̀, wọn kì í sì í dá ọ̀rọ̀ dúró tìtorí rẹ̀. Táyọ̀ gbé abọ́ dání, ó ń pariwo pé ebi ń pa òun.

Lálẹ́, obìnrin náà tú gèlè, ó ká a, ó tún tú u, ó tún un ká.

"Ṣé jẹ̀dí náà ṣì ni?"

Délé ti la ẹnu láti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Rárá," ó ní.

Gèlè náà dúró lọ́wọ́ obìnrin náà ní kíká ààbọ̀.