Inú Apẹ̀rẹ̀ Tàtàṣé

Ìyá mi kì í pariwo. Nígbà tó na pọ́ọ̀sì dúdú náà sí mi nídìí àtẹ wa lọ́jà Bódìjà, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí ìgbà tó bá ń rán mi lọ pọnmi.

"Inú apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé ni mo ti bá a. Ìwọ lo mọ̀wé, Àjàní. Bá mi ka orúkọ tó wà nínú káàdì yìí."

Ẹnu yà mí. Inú apẹ̀rẹ̀ tàtàṣé kẹ̀? Mo wo apẹ̀rẹ̀, mo wojú ìyá mi. Ó ń ṣa àwọn tó ti rà sọ́tọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

Ǹ bá purọ́. Ǹ bá ní omi ti pa orúkọ náà rẹ́. Àmọ́ bàbá arúgbó inú àwòrán náà tẹjú mọ́ mi, mo bá kà á síta: Adéoyè. Ìwé oògùn kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin ni wọ́n kọ àdírẹ́sì sí. Agbowó ni.

"Màámi, ọ̀nà jìn. Ẹ jẹ́ ká fún ìyálọ́jà kó bá wa fi ránṣẹ́."

"Agbowó ló jìn? Gbéra ńlẹ̀."

Nígbà tí maikirà dúró, ìyá mi ní kí n kọ́kọ́ wọ ọkọ̀. Òun wá jókòó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí a dé Agbowó, bàbá fúnra wọn ló ṣílẹ̀kùn. Ọwọ́ wọn ń gbọ̀n bí wọ́n ṣe ń ṣí pọ́ọ̀sì náà. Wọn ò tilẹ̀ wo owó. Ìwé oògùn yẹn ni wọ́n fà yọ, wọ́n sì yíjú sínú yàrá: "Ìyá Bọ́lá, wọ́n ti rí i o!"

Ikọ́ ló dá wọn lóhùn. Ikọ́ náà pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n ka owó. Ó jẹ́ 36,000 náírà.

"2,000 ló dín. Kò ṣe nǹkan kan, ẹ̀yin kọ́ lẹ mú un."

Ojú ìyá mi bọ́ sára sálúbàtà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ mi, ó sì tún kúrò níbẹ̀. Ó tú etí ìró rẹ̀. Owó ata ni, 200 náírà lọ́nà mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ ti rún. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sórí tábìlì. Bàbá kọ̀ ọ́, kọ̀ ọ́, ìyá mi ò gbà.

Ni bàbá bá gbọ́wọ́ lé mi lórí. "Ọmọ yìí ni yóò sin yín. Kò ní dójú tì yín láéláé."

Ìyá mi nìkan ló ṣe àmín.

Níta, bí a ṣe ń dúró de ọkọ̀, ó ń so etí ìró tí kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

"Àjàní."

"Mà."

"Abẹ́ ìrọ̀rí rẹ ni mo ti rí i."