Ọ̀rọ̀ Olùtumọ̀

Ìtàn kúkúrú mọ́kànlá ló wà nínú ìwé yìí. Haúsá ni wọ́n fi kọ wọ́n.

Mi ò yí orúkọ ẹnikẹ́ni padà. Gàmbó inú ìtàn kejì ni ọmọ tí wọ́n bí tẹ̀lé ìbejì. Nílé tiwa, Ìdòwú ni ìbá máa jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá pè é ní Ìdòwú, òǹkàwé yóò gbé e kúrò ní Kánò lọ sí Ọ̀yọ́ láìfura. Tálátù, Làràbá àti Làmí ń jẹ́ orúkọ ọjọ́ tí wọ́n bí wọn, etí tó bá sì ti mọ Àtàláátà, Àlàrùbá àti Àlàmísì yóò dá wọn mọ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tó le ni pé Haúsá máa ń fi ọ̀rọ̀ arọ́pò-orúkọ ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin, "ó" tiwa kì í sì í yà wọ́n. Nígbà tí Làmí àti ọkọ rẹ̀ ń jà nínú ìtàn kẹrin, bí mo bá kọ "ó" tẹ̀léra lẹ́ẹ̀mẹta, a ò ní mọ ẹni tó na ẹnì kejì mọ́. Ìdí nìyẹn tí orúkọ fi pọ̀ níbí ju bó ṣe wà ní Haúsá lọ.

Òwe ló gba àkókò jù. Obìnrin tó ń ta fùrá sọ pé omi kì í ṣàdédé kan. Tiwa bá a mu wẹ́kú: bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Àmọ́ báwo ni obìnrin yìí ṣe máa mọ Kúmólú? Ohun tó ń kan ló sì ń tà, òwe náà ti inú igbá rẹ̀ jáde ni. Mo fi omi náà sílẹ̀. Bákan náà ni "ọwọ́ kan kì í gbé òrùlé koríko" nínú ìtàn kẹfà, nítorí òrùlé gan-an ni wọ́n ń gbé. Nígbà tí òwe kan náà padà wá nínú ìtàn kẹsàn-án, tí kò sí òrùlé níbẹ̀, mo lo "ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí".

Mi ò tú sáúrè, yàrá ẹnu ọ̀nà tí àlejò ọkùnrin kì í kọjá. Bí mo bá pè é ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò ní yéni ìdí tí ọkùnrin inú ìtàn kẹta fi dúró síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Mi ò tú kúnyà náà: ìtìjú ni, ṣùgbọ́n òun náà ni kì í jẹ́ kí ìyá pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ, láìṣe pé ó ṣẹ̀. Dípò àlàyé ìsàlẹ̀ ìwé, inú gbólóhùn tí ọ̀rọ̀ ti kọ́kọ́ yọjú ni mo fi ìtumọ̀ rẹ̀ sí. Z tí a kò ní, s ni mo fi rọ́pò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tí èdè méjèèjì jọ ní ló ń tanni jẹ jù. Tálákà tiwa ni ẹni tí kò lówó; tiwọn lè jẹ́ ẹni tí kò joyè, bó tilẹ̀ ní màlúù ogójì. Ìyẹn ni mo fi pe oníṣòwò inú ìtàn kẹwàá ní "ará ìlú lásán".