Ètò Ìkọ́ni Sáyẹ́ǹsì, Pírámárì Kẹrin: Níbo Ni Omi Ń Lọ?

Kíláàsì: Pírámárì 4, ọmọ 36, ọdún mẹ́jọ sí mẹ́wàá
Orí ọ̀rọ̀: Àyípo omi
Ibi: Kàbà, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Òkúdù
Àkókò: Ọjọ́ Ajé, ìṣẹ́jú 40, Ọjọ́rú, ìṣẹ́jú 10, Ọjọ́bọ̀, ìṣẹ́jú 40

Ìdí tí mo fi tún ètò yìí ṣe

Lọ́dún tó kọjá, mo ya àyípo omi sójú pátákó. Mo fi ọfà kan sókè, mo fi òmíràn sísàlẹ̀, àwọn ọmọ sì dà á kọ. Wọ́n gba máàkì dáadáa nínú ìdánwò. Lẹ́yìn náà ni mo bi wọ́n léèrè níbi tí omi tí a fi fọ kíláàsì lọ. Gbogbo wọn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà: “Ó ti tán, Àǹtí!” Ọfà ni wọ́n kọ́, wọn ò kọ́ omi. Nítorí náà, a ò ní ya àwòrán kankan títí di ìparí Ọjọ́bọ̀.

Èròǹgbà

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lè sọ pé omi tó gbẹ kò tán, pé ó di oru ni, ó sì wọnú afẹ́fẹ́. Kí ó lè fi ìgò tútù hàn wá pé oru lè padà di omi. Kí ó sì lè fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí sọ ìrìn ẹ̀kán omi kan: gòkè, kóra jọ, rọ̀, ṣàn.

Ohun èlò

Ìgò sóbò méjì, ọ̀kan tó tutù dáadáa, ọ̀kan tí kò tutù (kí a ra èyí tó tutù lọ́wọ́ ọlọ́jà ní òwúrọ̀ gan-an, kí a fi aṣọ wé e, ká má gbẹ́kẹ̀ lé iná). Ṣọ́ọ̀kì. Àkísà méjì tó dọ́gba. Abọ́ páànù pẹrẹsẹ. Básíà kan, kọ́ọ̀bù kékeré kan, iyọ̀, ọ̀rá tó mọ́ gaara, okùn, òkúta wẹ́wẹ́. Ọ̀rá búrẹ́dì kan. Ìgò ike mẹ́ta tí a ti gé nídìí, tí a sì ti lu ìdérí wọn ní ihò. Yanrìn, ilẹ̀ dúdú láti inú ọgbà, amọ̀. Kẹ́tùlù àti sítóòfù. Aṣọ funfun kan.

Kí aago tó lu ní Ọjọ́ Ajé

Olùkọ́ fi ọ̀rá búrẹ́dì bo ẹ̀ka máńgòrò kan tó ní ewé tútù, ó so ẹnu rẹ̀ pinpin. Ẹ̀ka tí oòrùn ń bà ni kó yàn. Ó po iyọ̀ ṣíbí méjì mọ́ omi mímu nínú básíà, ó gbé kọ́ọ̀bù òfìfo sí àárín rẹ̀, kí ẹnu kọ́ọ̀bù ga ju omi lọ. Ó fi ọ̀rá bo básíà, ó fi okùn dì í, ó sì fi òkúta kan tẹ àárín ọ̀rá náà kó lè wọlẹ̀ díẹ̀ ní ọ̀gangan orí kọ́ọ̀bù. Ibi tí ewúrẹ́ kò lè dé ni kó gbé e sí. Mo mọ ìdí tí mo fi sọ ọ́.

ỌJỌ́ AJÉ

Ìgbésẹ̀ kìíní: omi orí sìmẹ́ńtì (ìṣẹ́jú 10)

Gbogbo kíláàsì bọ́ síta. Olùkọ́ da omi ìdajì kọ́ọ̀bù sórí sìmẹ́ńtì níbi tí oòrùn wà, ó sì da ìwọ̀n kan náà sínú abọ́ páànù. Ọmọ kan fi ṣọ́ọ̀kì yí etí omi náà ká. Láti ìsinsìnyí títí ẹ̀kọ́ yóò fi parí, ọmọ mìíràn yóò máa jáde ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá láti fa ìlà tuntun.

Olùkọ́: “Bí omi yìí bá gbẹ, níbo ló lọ?”

Kó kọ gbogbo ìdáhùn sójú pátákó láìsọ pé èyí tọ̀nà, èyí kò tọ̀nà. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni “ó tán”, “oòrùn mu ún” àti “ilẹ̀ mu ún”. Ẹni tó bá sọ pé ilẹ̀ mu ún kò sọ ìsọkúsọ o. Ìdí abájọ tí a fi gbé abọ́ páànù síbẹ̀ nìyẹn. Páànù kò lè mu omi, síbẹ̀ omi inú rẹ̀ yóò máa dín kù. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ lọ wò ó, kó wá ròyìn.

Ìgbésẹ̀ kejì: àkísà méjì (ìṣẹ́jú 5)

A rẹ àkísà méjèèjì, a fún wọn bákan náà. A sá ọ̀kan síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, a ká èkejì ju sí kọ̀rọ̀ kíláàsì. Ká bi wọ́n: nígbà ọyẹ́, tí òtútù ń mú wa ní òwúrọ̀, kí ló dé tí aṣọ fi ń yára gbẹ, tí ètè sì ń là? Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń ti aṣálẹ̀ Sàhárà wá, oru inú rẹ̀ kéré, gbogbo omi tó bá rí ló ń fà. Kì í ṣe ooru oòrùn nìkan ló ń gbé omi gòkè. Ká má pẹ́ níbí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìgò sóbò (ìṣẹ́jú 18)

Ibí ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí wà. Bí àkókò bá fẹ́ tán, ẹ gé ibòmíràn, ẹ má gé ibí.

Olùkọ́ tú aṣọ ara ìgò tútù, ó nu ìgò méjèèjì gbẹ níṣojú wọn, ó sì gbé wọn sórí tábìlì. Kó má sọ ohunkóhun fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìgò tútù yóò bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn.

Olùkọ́: “Níbo ni omi yìí ti wá?”
Púpọ̀ nínú wọn: “Ó jò láti inú ìgò, mà.”
Olùkọ́: “Irú àwọ̀ wo ni ohun tó wà nínú ìgò?”
Àwọn ọmọ: “Ó pupa, mà.”
Olùkọ́: “Ó dáa. Wá fi aṣọ funfun yìí nu ara ìgò, kí o gbé e sókè kí gbogbo wa rí i.”

Aṣọ á tutù, kò ní pupa. Ẹ jẹ́ kí kíláàsì pariwo díẹ̀. Bí sóbò bá ń jò, aṣọ ìbá pupa. Ó ku ibì kan ṣoṣo tí omi lè ti wá: inú afẹ́fẹ́ tó wà láyìíká ìgò. Oru omi wà nínú afẹ́fẹ́ kíláàsì yìí, a kàn ò lè fojú rí i. Nígbà tó kan ara ìgò tútù, ó kóra jọ di ẹ̀kán omi. Ìgò tí kò tutù kò làágùn, nítorí òtútù ni oru ń wá kó tó padà di omi.

Ọmọ kan lè béèrè pé ṣé bí ìrì ṣe ń wà lórí koríko láàárọ̀ nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni: ilẹ̀ àti ewé tutù ní òru, oru inú afẹ́fẹ́ kóra jọ sórí wọn. Bí ẹnikẹ́ni ò bá béèrè, kí olùkọ́ bi wọ́n. Kùrukùru tó máa ń bo orí òkè ní Kàbà láàárọ̀ ńkọ́? Ẹ̀kán omi tó kéré gan-an tó léfòó nínú afẹ́fẹ́ ni. Ìkùukùu ojú ọ̀run kò yàtọ̀ sí i, ó kàn wà lókè ni. Ọmọ Owé, ọmọ Ìjùmú, ọmọ Yàgbà àti àwọn ọmọ Ẹ̀bìrà wà nínú kíláàsì. Kí kálukú sọ orúkọ tí wọ́n ń pe ìrì àti kùrukùru nílé wọn, ká kọ ọ́ sétí pátákó.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: kẹ́tùlù (ìṣẹ́jú 7)

Olùkọ́ nìkan ló ń fọwọ́ kan kẹ́tùlù. Àwọn ọmọ dúró lẹ́yìn ìlà ṣọ́ọ̀kì, ìṣísẹ̀ mẹ́ta sí sítóòfù. Nígbà tí omi bá hó, kí wọ́n wo ẹnu kẹ́tùlù dáadáa: àlàfo kékeré kan wà níbẹ̀ tí a kò rí nǹkan kan, kí èéfín funfun tó bẹ̀rẹ̀. Inú àlàfo yẹn ni oru gidi wà. Funfun tí à ń rí ti di ẹ̀kán omi wẹ́wẹ́.

Kí a tó túká, a padà síbi ìlà ṣọ́ọ̀kì. A bi wọ́n ní ìbéèrè àkọ́kọ́, àwọn fúnra wọn ni yóò sì pa “ó tán” rẹ́ lójú pátákó.

ỌJỌ́RÚ

Ẹ tú ọ̀rá orí ẹ̀ka máńgòrò. Omi yóò ti wà nínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò da omi sí i. Gbòǹgbò igi fa omi láti inú ilẹ̀, ewé tú u sínú afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí básíà. Fi ṣíbí tó mọ́ bu omi inú kọ́ọ̀bù fún ọmọ méjì kí wọ́n tọ́ ọ wò. Kò ní iyọ̀. Iyọ̀ kò gòkè, omi nìkan ló gòkè. Ìdí nìyí tí òjò kì í fi í níyọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti ojú òkun ni afẹ́fẹ́ gúúsù ti ń gbé púpọ̀ nínú oru rẹ̀ wá bá wa. Bí ojú ọjọ́ bá ṣú láti Ọjọ́ Ajé, omi inú kọ́ọ̀bù lè kéré. Ẹ fi sílẹ̀ di Ọjọ́bọ̀.

Ọmọ kan á sọ pé Ọlọ́run ló ń rọ òjò. Kí olùkọ́ má bá a jiyàn. “Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀nà tó ń gbà rọ̀ ọ́ là ń wò.”

ỌJỌ́BỌ̀

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: òjò rọ̀ tán, ó kù (ìṣẹ́jú 20)

Dorí ìgò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kodò sórí kọ́ọ̀bù. Fi yanrìn sínú ọ̀kan, ilẹ̀ dúdú sínú èkejì, amọ̀ sínú ẹ̀kẹta, kó dọ́gba. Ọmọ mẹ́ta da omi kọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan sí i lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn yòókù ń kà: ení, èjì, ẹ̀ta… Yanrìn ni yóò kọ́kọ́ jò. Orí amọ̀ ni omi yóò dúró sí. Ká bi wọ́n: bí òjò ńlá bá rọ̀ sórí ilẹ̀ tó le bí amọ̀ yìí, tàbí sórí sìmẹ́ńtì, níbo ni yóò gbà? Yóò ṣàn lọ sí gọ́tà, sí odò kékeré, sí odò ńlá. Èyí tó bá mu wọlẹ̀ ló ń padà wá bá wa nínú kànga. Àwọn ọmọ mọ̀ pé kànga máa ń lọ sílẹ̀ ní oṣù Ẹrẹ́nà. Kí wọ́n sọ bí okùn fami ilé wọn ṣe máa ń gùn tó nígbà náà.

Odò Ọya àti Bẹ́núé pàdé ní Lọ́kọ́jà, wọ́n jọ ṣàn lọ sínú òkun. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ní ẹbí níbẹ̀, wọ́n á ti gbọ́ nípa ìkún omi ọdún 2012 àti ti 2022. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́, àmọ́ kó má pẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìrìn ẹ̀kán omi (ìṣẹ́jú 12)

Ìsinsìnyí ni kí kálukú ya àwòrán tirẹ̀. Kí olùkọ́ má ya ọ̀kan kí wọ́n dà á kọ. Kí ó sì kìlọ̀ fún wọn pé ẹ̀kán omi kì í yí bíi ti táyà: ọ̀kan lè rọ̀ sínú odò, kó gòkè lọ́jọ́ kejì, ọ̀kan lè wọnú ilẹ̀, kó pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi lè mu òmíràn.

Ìgbéléwọ̀n (ìṣẹ́jú 8, lẹ́nu, kì í ṣe nínú ìwé)

1. Ìyá rẹ sá aṣọ, ó gbẹ. Níbo ni omi rẹ̀ lọ? (Ó di oru, ó wọnú afẹ́fẹ́.)
2. Báwo la ṣe mọ̀ pé ìgò sóbò kò jò? (Aṣọ funfun kò pupa; ìgò tí kò tutù kò làágùn.)
3. Kí ló dé tí omi inú kọ́ọ̀bù kò níyọ̀? (Omi gòkè, iyọ̀ kù sílẹ̀.)
4. Kí ni ìkùukùu? Ẹni tó bá dáhùn pé “èéfín” tàbí “òwú”, ká dá a padà sídìí kẹ́tùlù.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Bí wọ́n bá ń se ìrẹsì nílé, kí ọmọ ní kí àgbàlagbà ṣí ìkòkò, kó sì wo inú ìdérí láìfọwọ́ kàn án. Kí ó kọ gbólóhùn mẹ́ta: ohun tó rí, ibi tó ti wá, ìdí tó fi dúró síbẹ̀.

Bí òjò bá rọ̀ ní Ọjọ́ Ajé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìgò sóbò nínú kíláàsì, nítorí òjò kò lè bà á jẹ́. Ẹ gbé básíà wọlé kí òjò má wọ̀ ọ́, kí ẹ sì gbé agolo òfìfo kan sí gbangba láti gba òjò náà. Bí oòrùn bá padà yọ, orí sìmẹ́ńtì tó ti tutù ni kí ẹ fa ìlà ṣọ́ọ̀kì yí ká. Òjò ti bá yín da omi ibẹ̀.