Lójúde Baálẹ̀

(Ọmọkùnrin kan wọlé tòun ti fìlà lórí, ó na ọwọ́ sí Baálẹ̀.)

Ọmọ: Ẹ káàárọ̀ o, Baálẹ̀.

Ọ̀tún: Ìwọ! Ṣé o fẹ́ bọ Baálẹ̀ lọ́wọ́ ni? Ṣí fìlà ẹ jàre kó o dọ̀bálẹ̀, kí àyà ẹ kanlẹ̀ dáadáa o, kì í ṣe kó o kàn tẹ̀ díẹ̀ bí ẹni fẹ́ mú bírò tó jábọ́.

(Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.)

Ọmọ: Ẹ káàárọ̀ sà. Ẹ má bínú, Èkó ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà.

Baálẹ̀: Káàárọ̀, ọmọ mi. Dìde. Bàbá ẹ ńkọ́?

Ọmọ: Wọ́n wà sà, wọ́n ní kí n kí yín, obì yìí sì ni wọ́n ní kí n fún yín. (Ó fọwọ́ òsì na obì náà sí Baálẹ̀.)

Ọ̀tún: Ọwọ́ òsì kẹ̀!

Baálẹ̀: (ó ń rẹ́rìn-ín) Ọ̀tún, ẹ rọra, ó ń kọ́ ọ ni. Ọwọ́ méjèèjì, ọmọ mi, kó o bẹ̀rẹ̀ díẹ̀. Tí àgbà bá sì ń bá ẹ sọ̀rọ̀, má tẹjú mọ́ ọn.

Ọmọ: Ẹ ṣé sà. (Ó ṣì wà lórí ìdúró.)

Baálẹ̀: Ẹ̀n-ẹ́n, kò jókòó láìjẹ́ pé a ní kó jókòó! Ó yá, fa àga yẹn. Àbúrò ẹ obìnrin tó ń fóònù níta ńkọ́? Ní kó wá kúnlẹ̀ kí wa.