Bàbá Ìbejì, mo fẹ́ lo táǹkì ìfínko ní Jímọ̀

Bàbá Ìbejì, àsàláámù aléékun. O kú òjò, o kú iṣẹ́ oko. Ìyá Ìbejì ńkọ́, Táyé àti Kẹ́hìndé ńkọ́? Mo gbà á ládùúrà pé àlàáfíà ni gbogbo yín wà ní Òmù-Àrán.

Ọ̀rọ̀ táǹkì ìfínko lítà 16, èyí tó láwọ̀ búlúù tí o gbé lọ fún àgbàdo rẹ lóṣù keje, ni mo bá wá. Èmi ni mo ní kí o lò ó títí iṣẹ́ á fi parí, n kò sì dá ọjọ́ fún ọ. O kò pẹ́, o kò jẹ̀bi ohunkóhun. Ẹ̀wà mi ló ń lé mi.

Éékà kan ni mo gbìn sẹ́yìn ilé níbí ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ní ọjọ́ 18 oṣù kẹjọ. Òní Àtàlátà ló pé ọjọ́ 35, ó sì ti ń yọ ìrudi. Ìwọ náà mọ àwọn kòkòrò dúdú kéékèèké tó ń sá sínú ìrudi yẹn: tí a kò bá fín in kí òdòdó tó là, òdòdó á máa rẹ̀ dànù, ewé nìkan la ó máa wò. Bí ọjọ́ mẹ́wàá sí i, mo tún gbọ́dọ̀ fín in lẹ́ẹ̀kejì, nítorí kòkòrò tó ń lu èso. Ike ìfín ọwọ́ tó wà nílé kò gbà ju lítà kan lọ, éékà kan sì ń fẹ́ táǹkì mẹ́fà sí mẹ́jọ. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òdòdó bá ti pa dé tí oyin sì ti lọ.

Tí o bá ṣì ní igun kan tí o fẹ́ fín, ṣe é lọ́la tàbí Àlàmísì, kí n gbà á ní òwúrọ̀ Jímọ̀. Tí iṣẹ́ rẹ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, sọ fún mi. Màá dá a padà sọ́dọ̀ rẹ lọ́jọ́ Àìkú, kí n tún wá gbà á fún ìfín kejì. Bí ẹnìkan bá sì ti yá a lọ́wọ́ rẹ, kò burú, àdúgbò ni gbogbo wa. Ìwọ ni kí o bá a sọ̀rọ̀. Èmi kò ní pè é.

Oògùn koríko ló wà nínú rẹ̀ kẹ́yìn, díẹ̀ nínú rẹ̀ tó bá kù sínú rọ́bà tàbí asẹ́ lè jó ewé ẹ̀wà. Tí o bá ráyè, da èyí tó kù sórí ilẹ̀ tí a kò gbin nǹkan sí, jìnnà sí odò àti kànga. Bu omi dé ìdá mẹ́ta táǹkì, mì í dáadáa, kí o sì fín in jáde gba ẹnu ọ̀pá. Ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Má fi abẹ́rẹ́ tú ẹnu rẹ̀ tó bá dí, ihò á fẹ̀, oògùn á sì máa dà wùràwùrà. Búrọ́ọ̀ṣì eyín àtijọ́ tó. Tí o kò bá ráyè, gbé e wá bó ṣe wà. Èmi á fọ̀ ọ́, màá tún fi omi ọṣẹ sínú rẹ̀ títí di ọ̀sán Jímọ̀.

Tí wọ́ṣà bá ti jẹ, tàbí tó ń jò níbi ọwọ́ tí a ń tẹ̀, jọ̀wọ́ sọ fún mi lónìí. Táǹkì yẹn ti pẹ́, wọ́ṣà rẹ̀ sì ti gbó kí o tó gbé e. Mò ń lọ sí Ìlọrin ní Àlàmísì, ibẹ̀ ni màá ti ra òmíràn. Mímọ̀ ọ́n ṣáájú ló máa ràn mí lọ́wọ́.

Kò pọn dandan kí o gbé e wá fúnra rẹ. Gbé e fún awakọ̀ tó ń bọ̀ láti gáréèjì, èmi á san owó rẹ̀ níbí. Tú afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù, yọ ọ̀pá, dè é mọ́ ara rẹ̀, kí o sì sọ fún awakọ̀ pé kó má gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ oúnjẹ. Tí ọ̀nà yẹn kò bá rọrùn, èmi á gun ọ̀kadà wá gbà á ní òwúrọ̀ Jímọ̀ kí ìrun tó tó.

Èwo ló rọ̀ ọ́ lọ́rùn nínú méjèèjì? Tí o kò bá ráyè tẹ̀wé, fi ohùn ránṣẹ́. Bá mi kí àwọn ìbejì.

Èmi ni, Bàbá Àlàkẹ́.